Lẹ́tà sí tíṣà Mọ́rẹ́nikẹ́

Ìtòkò,
Abẹ́òkúta.

Ẹ̀yin tíṣà wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ Mọ́rẹ́nikẹ́ ni mo bá wá.

Kì í rí ìgbẹ́ yà dáadáa. Ìgbẹ́ ọ̀hún máa ń le bí ekùrọ́, ìrora rẹ̀ ló sì ń mú kó máa dì í mọ́ra. Bó bá ṣe ń pẹ́ nínú ìfun ni omi ara rẹ̀ ń gbẹ, tí yóò tún le sí i. Dókítà ti fún un lóògùn tó ń mú un rọ̀, ṣùgbọ́n oògùn nìkan ò lè ṣe é.

Ẹ jọ̀ọ́, bó bá ti nawọ́, ẹ jẹ́ kó lọ. Lẹ́yìn oúnjẹ ni ìfun sábà máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ bá mi rán an lọ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kó jókòó bí ìṣẹ́jú 10. Kí wọ́n má kanlẹ̀kùn mọ́ ọn o. Bí wọ́n bá ti ní “Ṣé o ò tíì ṣe tán ni?”, kíá ló máa fa pátá sókè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀, mo ti fi àpótí kékeré ránṣẹ́ tó máa gbé e lé.

Bí pátá rẹ̀ bá lábàwọ́n, kì í ṣe ọ̀bùn. Èyí tó rọ̀ ló ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ èyí tó le, òun gan-an kì í mọ̀. Òmíràn wà nínú báàgì rẹ̀. Ẹ dákun, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má gbọ́.

Ẹ ṣeun, mà.

Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́