Ẹ̀rọ Karùn-ún

Oṣù méjì ni wọ́n fi ń jà nítorí ẹ̀rọ karùn-ún. Omi ìsun tí wọ́n fà wá láti orí òkè, níhà Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ń dà yàà lẹ́nu ẹ̀rọ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ní Ìsàlẹ̀ Odò, yí i títí ọwọ́ yóò fi ro ọ́, ẹ̀kán kan kò ní bọ́.

"Àwọn ará òkè ló ń sé omi mọ́ wa," ni Ìyá Ẹlẹ́kọ wí fún mi. "Ìyá Oníṣu ni olórí wọn. Mo ti sọ ọ́ sí i lójú láàárín ọjà."

Èmi náà ti fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ni mo bá ti ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa lóru ọjọ́ kan, mo jókòó ti karùn-ún mọ́jú. Kò sí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ táǹkì kún dẹ́nu, ẹ̀rọ yìí sì fi mítà 9 rẹlẹ̀ sí i.

Nígbà tí oòrùn mú díẹ̀, mo tọ ipa páìpù. Lẹ́yìn ẹ̀rọ kẹrin, ó gun àpáta, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò, ó sì tún gòkè lọ sí Ìsàlẹ̀ Odò. Lórí àpáta, ilẹ̀ kò ṣeé gbẹ́, páìpù onírin náà wà ní gbangba. Mo fọwọ́ kàn án níhà táǹkì, ó tutù. Mo kọjá ṣóńṣó àpáta, mo tún fọwọ́ kàn án, ó jó mi. Mo fi sípánà lù ú, ó dún bí agolo òfìfo.

Afẹ́fẹ́ ni! Omi tó kọ́kọ́ dé ti ṣàn kọjá, ó dí páìpù nísàlẹ̀ kòtò, ó há afẹ́fẹ́ mọ́ àárín. Mo fi rọ́bà tí a ń rí inú rẹ̀ wọn ìpele omi: táǹkì fi mítà 2 péré ga ju ṣóńṣó àpáta lọ. Agbára mítà 2 yìí náà ni afẹ́fẹ́ fi ń ti omi inú kòtò, bẹ́ẹ̀ ibi tí omi yóò gùn láti inú kòtò kó tó dé ẹnu ẹ̀rọ ju ìyẹn lọ dáadáa. Báwo ni yóò ṣe débẹ̀? Àwọn tó ri páìpù kò fi ojú ihò kankan sílẹ̀ tí afẹ́fẹ́ lè gbà jáde.

Mo tú oríkèé páìpù lórí ṣóńṣó náà díẹ̀díẹ̀. "Ṣììì!" Ó pẹ́ kó tó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni omi ń tu fìn-ìn, fìn-ìn, títí ó fi dà geere. Mo dè é padà, mo sáré sọ̀ kalẹ̀.

Garawa Ìyá Ẹlẹ́kọ ti kún dé ìdajì. Ó ń wo omi náà, kò fọhùn. Mo sọ ohun tí mo rí fún un, mo ní n óò fi ẹ̀rọ kékeré kan sórí àpáta kí a lè máa tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀.

Ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi dé ọ̀dọ̀ Ìyá Oníṣu. Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ wọlé."