Ẹ Kú Ọdún Iléyá, Àlàájà

Àlàájà wa, Ìyá Sàídì,

Òkun o, ẹ̀yin àti gbogbo ará ilé. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún, ẹ kú ìnáwó. Baríkà dé Sàlá. Íìdì Mùbárákì.

Mo mọ̀ pé lẹ́yìn ìrun yídì ni ọ̀bẹ tó ń kan àgbò, mo sì mọ̀ bí àárọ̀ Iléyá ṣe ń rí nílé yín, ìdí nìyẹn tí mi ò fi pè. Bí ẹ bá ti ráyè jókòó ni kí ẹ kà á. Ariwo "Àlááhù Àkúbárù" tó ń ti àdúgbò yín wá ló jí èmi náà lónìí, kí n tó gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì kankan ní Kábbà.

Àdúrà mi rèé o. Kí Ọlọ́run gba àáwẹ̀ Árífá tí ẹ gbà lánàá, kó gba ìrun tí ẹ kí láàárọ̀ yìí, kó gba ẹran tí ẹ pa. Èmi ò gbààwẹ̀, mi ò sì lè ṣe bí ẹni pé mo gbà á. Ti yín ni mò ń bẹ Ọlọ́run kó tẹ́wọ́ gbà. Kí ọdún ó yabo fún yín. Àṣèyí ṣàmọ́dún. Ọdọọdún là á rórógbó, ọdọọdún là á ráwùsá, ọdọọdún là á rómọ obì lórí àtẹ. Ọdọọdún ni a ó máa rí Àlàájà wa nínú aṣọ ọdún. Ẹ̀mí yín á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé, nínú ọlá, nínú àlàáfíà, a ò ní wá ẹnikẹ́ni tì nínú wa.

Ti Àlàájì wà lọ́tọ̀. Ìṣírò mi ni pé wọ́n ti kúrò ní Árífá, wọ́n á ti dé Mínà báyìí, níbi tí wọ́n ti ń sọ òkò. Kí Ọlọ́run fún wọn lókun nínú oòrùn yẹn. Àlọ ire, àbọ̀ ire ni tiwọn. Hájì wọn á jẹ́ àtẹ́wọ́gbà, ilẹ̀kùn yìí náà ni wọ́n á gbà wọlé wá bá yín pẹ̀lú ayọ̀. Ẹ kú àdánìkanṣọdún, Àlàájà. Ilé tí baálé ò sí lọ́jọ́ ọdún kì í rọrùn, bí èrò ibẹ̀ ti wù kó pọ̀ tó.

Ṣé òótọ́ ni pé Sàídì ló fọwọ́ ara rẹ̀ dúńbú àgbò? Ẹ bá mi kí i púpọ̀. Ọmọ tí a fojú wa rí tó ń gbé fáíìlì ká ọ́fíìsì nígbà ìsinmi ilé ìwé! Ẹ ṣàánú, ẹ má jẹ́ kó gba ẹnu ìyá àgbà gbọ́ pé òun ti di baálé. Ẹ bá wa kí ìyá náà, kí Ọlọ́run dá wọn sí fún wa.

Gbogbo wa ní ẹ̀ka ìṣirò owó ló ní kí n kí yín. A fi ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò páálí kan ránṣẹ́, pẹ̀lú iṣu tí ìyá mi fi ránṣẹ́ láti Mọ̀pà. Iṣu àtèṣí ni, kì í ṣe tuntun, òun sì ni gúnyán-gúnyán ń fẹ́. Ìyá mi kò gbàgbé pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ pè é ní Kérésìmesì tó kọjá, kí àwa ọmọ rẹ̀ tó jí.

Ní ti ẹran, mo mọ̀ pé apá kan jẹ́ ti ilé, apá kan ti ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò, apá kan ti aláìní. Bí ti ọ̀rẹ́ bá ti tán, ẹ má dààmú. Bí kò bá sì tíì tán, itan ni mo fẹ́, ẹ mọ̀ mí.

Ẹ má ronú iṣẹ́ rárá. Fáúṣà owó oṣù tó wà lórí tábìlì yín, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, ìbuwọ́lùwé yín nìkan ló kù, ìyẹn sì dọjọ́ tí ẹ bá wọlé. Èmi àti Bàbá Káṣíà ń bọ̀ wá kí yín lọ́la lẹ́yìn ìrun Àsárì. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ lọ kí àwọn ẹbí ní Lọ́kọ́jà, ẹ fi tó mi létí kí a yí i sí ọ̀tunla.

Ẹ kú ọdún o.

Àbúrò yín,
Fúnmi