Àkójọ 4.0 ti dé: ẹ ka èyí kí ẹ tó kó àkọsílẹ̀ yín wọ inú rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Àkójọ, ẹ kú iṣẹ́ o.

Àkójọ 4.0, ẹ̀dà tuntun áàpù tí ẹ fi ń kọ àkọsílẹ̀ yín pa mọ́, ti wà nílẹ̀ láti òní, fún fóònù àti kọ̀ǹpútà. Bí ẹ kò bá ráyè ka gbogbo rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka apá tó wà fún kíkó àkọsílẹ̀ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì kankan. Ibẹ̀ ni ẹni tó bá kánjú ti lè pàdánù nǹkan.

Ohun tó yí padà

Títí dé 3.9, àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní fáìlì JSON tirẹ̀. Ìyẹn kò ni ẹni tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀ lára. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún bá ń wá ọ̀rọ̀ kan, àfi kí áàpù ṣí fáìlì wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí bátìrì bá sì kú nígbà tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ lọ́wọ́, fáìlì lè dúró lábọ̀. Ní báyìí, gbogbo rẹ̀ wà nínú dátábéèsì SQLite kan ṣoṣo. Ohun tí ẹ bá kọ yóò wọlé tán, tàbí kó má wọlé rárá.

Ọ̀rọ̀ wíwá ló dùn mọ́ wa nínú jù. Ẹ wo lẹ́tà "ẹ́". Kíbọ́ọ̀dù kan á kọ "ẹ" (U+1EB9), á wá fi àmì ohùn (U+0301) lé e. Òmíràn á kọ "é" (U+00E9), á wá fi àmì ìsàlẹ̀ (U+0323) sí i. Lójú tiwa, lẹ́tà kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó kọ "ẹgbẹ́" sórí fóònù fi ń wá a lórí kọ̀ǹpútà tí kò sì rí i, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. 4.0 ń sọ gbogbo wọn di NFC, ìlànà Unicode tó ń mú irú àwọn lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bára mu. Bí ẹ bá tẹ "egbe" láìsí àmì kankan, yóò kó ẹgbẹ́, ẹ̀gbẹ́ àti ègbè jáde. Bí ẹ bá fi àmì sí i, èyí tó bá àmì yín mu ni yóò ṣáájú.

Ohun tí a yọ

A ti yọ nọ́ńbà mẹ́rin tí ẹ fi ń ti àkọsílẹ̀. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú áàpù nìkan ló ń bò: ẹni tó bá ṣí fódà lórí kọ̀ǹpútà lè ka fáìlì náà wẹ́rẹ́. Oríṣi 10,000 péré sì ni nọ́ńbà mẹ́rin lè jẹ́. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́kàn lé ààbò tí kò sí. Dípò rẹ̀, ẹ lè fi ọ̀rọ̀ aṣínà kan ti gbogbo dátábéèsì, kó má ṣeé kà fún ẹni tí kò ní in. Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn o, torí àwa gan-an kò ní lè bá yín ṣí i.

Ẹ tún kíyè sí èyí: àkọsílẹ̀ tí ẹ ti tì tẹ́lẹ̀ yóò wọ 4.0 ní ṣíṣí. Ẹ ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun kí ẹ tó gbé fóònù yín fún ẹlòmíràn.

Kíkó àkọsílẹ̀ jáde bíi fáìlì .doc náà ti lọ; .docx, PDF àti Markdown ṣì wà.

Kíkó àkọsílẹ̀

3.9 àti 4.0 kò lè bára wọn sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ṣí 3.9 lórí gbogbo ẹ̀rọ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n bára dọ́gba tán, títí àmì àwọ̀ ewé yóò fi hàn lókè. Àkọsílẹ̀ tó bá ṣì wà lórí fóònù kan ṣoṣo lásìkò yẹn kò ní dé ibi tó kù.

Ẹ rí i pé àyè tó ṣófo tó ìlọ́po méjì ohun tí àkọsílẹ̀ yín ń gbà, torí 4.0 kì í pa ti àtijọ́ rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ń gbé e sínú fódà `akojo-3-ipamo` fún 90 ọjọ́. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lè kọ́kọ́ dán an wò láìyí ohunkóhun padà:

```
akojo migrate --dry-run
akojo migrate
```

Àṣẹ àkọ́kọ́ á sọ iye àkọsílẹ̀ tó rí àti èyí tí kò lè kà. Bí iye náà bá dín sí èyí tí 3.9 fi hàn yín, ẹ má tíì lo àṣẹ kejì. Lórí fóònù, áàpù fúnra rẹ̀ ló ń ṣe àyẹ̀wò yìí, á sì dúró bí iye kò bá pé.

Ẹni tó bá fẹ́ padà sí 3.9 lè lo fódà ìpamọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ohun tó kọ lẹ́yìn tó ti kó lọ kò sí nínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kó ìyẹn jáde bíi Markdown.

Bí nǹkan bá há, ẹ lọ sí "Ìrànlọ́wọ́", kí ẹ fi fáìlì `migrate.log` ránṣẹ́ sí wa. Nọ́ńbà àti orúkọ àṣìṣe nìkan ló wà nínú rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan látinú àkọsílẹ̀ yín níbẹ̀. 3.9 yóò ṣì máa gba àtúnṣe ààbò fún oṣù mẹ́fà sí i, nítorí náà ẹ lè fara balẹ̀ mú ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn.

Àwa tí a ń ṣe Àkójọ