Ètò Iṣẹ́ Kàtúùnù Sáyẹ́ǹsì SS1: Bí Èròǹgbà Ẹ̀kọ́ Ṣe Ń Di Ìran, àti Apá Kẹrin ní Kíkún

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé yìí la máa fi jókòó ní ọjọ́ Ajé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó dé, torí wákàtí méjì péré la gba yàrá náà fún, ẹni tó ni ín kì í sì í fi ìṣẹ́jú kan jin ènìyàn.

Ohun tí a ti fẹnu kò sí kò pọ̀: apá méjìlá fún táàmù kan, ìṣẹ́jú méje-méje, Yorùbá ni gbogbo ẹni inú rẹ̀ á máa sọ. Ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan á hàn lójú àwòrán lọ́nà méjì, bí a ṣe ń pè é àti bí wọ́n ṣe máa bá a pàdé nínú ìwé ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì, nítorí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi dáhùn níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣì ń mikàn pé Yorùbá ò ní lè gbé sáyẹ́ǹsì, kó rántí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, sáyẹ́ǹsì sì wà nínú ohun tí wọ́n kọ́ wọn.

Ibi tí ẹsẹ̀ wa ti yọ̀ nínú apá mẹ́ta àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ kí a tún ṣe. Ìtàn la kọ́kọ́ kọ, a wá ń wá ibi tí a máa ki ìbéèrè bọ̀. Nígbà tí a fi apá kejì han ọmọ mọ́kànlá, mẹ́sàn-án gba gbogbo ìbéèrè. Inú mi dùn títí mo fi bi ọ̀kan nínú wọn pé báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n. Ó ní, “Àǹtí, ìdáhùn tó bá gùn jù lẹ máa ń mú.” Òótọ́ ló sọ. Mo padà lọ wò ó, mẹ́rin nínú márùn-ún rí bẹ́ẹ̀.

Láti ìsinsìnyí lọ, ìbéèrè ni a ó kọ́kọ́ kọ, pàápàá jù lọ ìdáhùn tí kò tọ́. Ìdáhùn òdì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ọmọ gidi ti sọ nínú kíláàsì rí. Màmá wa tó ń kọ́ bàọ́lọ́jì ní odindi ìwé àjákọ tí wọ́n ń kó irú rẹ̀ sí. Ìran ni a ó wá fi dá ìdáhùn òdì náà lóhùn. Ìran tí kò bá dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ẹ jẹ́ kó lọ, bó ti wù kó dùn tó.

Ọ̀rọ̀ èròǹgbà náà ńkọ́? Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀. “Akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ ọ́sìmósíìsì,” ìyẹn bí omi ṣe ń gba awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá. Báwo ni ayàwòrán ṣe fẹ́ ya “mọ̀”? “Akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí iṣu tútù àti iṣu bíbọ̀ tí a fi ṣúgà sí, kó sì sọ ìdí rẹ̀.” Èyí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìran fúnra rẹ̀: ẹnì kan wà tó ń sọ tẹ́lẹ̀, iṣu méjì wà, ohun kan máa ṣẹlẹ̀ tí yóò jẹ́ kí ojú ẹnì kan là. Nítorí náà, “mọ̀”, “lóye” àti “mọrírì” ò gbọdọ̀ wọ ìwé wa mọ́. “Sọ tẹ́lẹ̀”, “fi wé”, “yà á sọ́tọ̀”, “ṣàlàyé ìdí” ló kù.

Apá kẹrin rèé bó ṣe yẹ kó rí. Àkọlé rẹ̀ ni *Ta Ló Bu Omi Sí Iṣu Mi?*

Èròǹgbà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣàlàyé ibi tí omi ń gbà kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì. Kó lè fi ìrìn omi tó ń jáde wé èyí tó ń wọlé. Kó lè sọ tẹ́lẹ̀ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nínú ago iṣu mẹ́ta, pẹ̀lú ìdí.

Ìran kìíní, 0:00 sí 1:40. Ìdájí, ẹ̀bá ọ̀nà kan ní Bódìjà. Màmá àgbà tó ń dín dùndún ti gé iṣu sínú abọ́ láàárọ̀ kùtù, wọ́n lọ ra epo. Kọ́lá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, fẹ́ ṣèrànwọ́. Ó bu iyọ̀ wọ́n an lórí. Ó bu u pọ̀. Nígbà tí Màmá máa fi dé, omi ti wà nísàlẹ̀ abọ́.

MÀMÁ: Ta ló bu omi sí iṣu mi?
KỌ́LÁ: Màmá, mi ò bu omi o. Iyọ̀ ni mo wọ́n sí i, kí ẹ má baà ṣe wàhálà.
MÀMÁ: Iyọ̀ wo ló ń sun omi?
ÀDÙKẸ́ (ó mú ègé iṣu kan, ó tẹ̀ ẹ́, ó rọ̀ dẹ̀dẹ̀): Màmá, ẹ wò ó. Kò le bíi ti àárọ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà dúró lórí ìka Àdùkẹ́ àti iṣu náà fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta gbáko. Ibẹ̀ ni ìdáhùn wà, a ò sì ní fẹnu sọ ọ́.

Ibùdó ìbéèrè kìíní, níbi tí àwòrán ti máa dúró kí ọmọ lè yan ìdáhùn. Níbo ni omi inú abọ́ ti wá? A: iyọ̀ ló yọ́ di omi. B: inú iṣu. D: inú afẹ́fẹ́. Màmá tíṣà ní D ni yóò pín kíláàsì sí méjì, torí gbogbo wa la mọ̀ pé iyọ̀ máa ń rin lásìkò òjò. Ọmọ tó mú D kì í ṣe òpè rárá. Ìran tó máa dá òun àti ẹni tó mú A lóhùn kò ju ogún ìṣẹ́jú-àáyá lọ: Àdùkẹ́ bu iyọ̀ nìkan sínú àwo kékeré, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ iṣu tuntun tí òun náà fi iyọ̀ sí. Lẹ́yìn wákàtí kan, abọ́ lómi, àwo gbẹ. A ti fi ìyẹn kọ́ wọn ní àfiwé inú àyẹ̀wò láì tíì dárúkọ rẹ̀. Apá kẹfà la máa ti sọ orúkọ.

Ìran kejì, 2:00 sí 3:50. A wọ inú iṣu. Bùọ̀dá ayàwòrán, ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni mo ti fẹ́ bẹ̀ yín gidi. Nínú àwòrán ìdánwò tí ẹ fi ránṣẹ́, gbogbo mólíkù omi ló tò bí ọmọ ilé ìwé, tí wọ́n ń jáde lápá kan ṣoṣo. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Omi ń jáde, omi ń wọlé, láìsinmi. Ohun tó yàtọ̀ ni iye. Ní òde tí iyọ̀ pọ̀ sí, omi tó lè kan awọ kéré. Ẹ jẹ́ kí á ya méje tó ń jáde fún mẹ́ta tó ń wọlé, kí ojú ọmọ lè kà á. Ẹ ya iyọ̀ ní àwọ̀ pupa, kí ẹ jẹ́ kó máa gbá awọ sẹ́ẹ̀lì, kó máa padà sẹ́yìn. Ẹ má fún omi lójú, ẹ má fún un lẹ́nu. Tí omi bá ti lójú, ọmọ á sọ nínú ìdánwò pé omi “fẹ́” jáde.

Ibùdó kejì. Tí iye méjèèjì bá ti dọ́gba, kí ni omi ń ṣe? A: ó dúró. B: ó ń kọjá sọ́tùn-ún sósì, iye kan náà. D: ó yí padà, ó ń wọlé nìkan. Ìdáhùn A ni ọ̀pọ̀ máa mú. Èsì rẹ̀ kò nílò ìran tuntun, ẹ kàn yí mẹ́ta sí méje padà sí márùn-ún sí márùn-ún.

Ìran kẹta, 4:10 sí 6:10. Yàrá àyẹ̀wò ilé ìwé. Ago iṣu mẹ́ta nínú àwo omi, a bó wọn, a gbẹ́ inú wọn. Èkíní, iṣu tútù, ṣúgà wà nínú rẹ̀. Èkejì, iṣu tútù, inú rẹ̀ ṣófo. Ẹ̀kẹta, iṣu bíbọ̀, ṣúgà wà nínú rẹ̀. Tíṣà fi pínnì sàmì sí ara ago, ó ní kí kíláàsì sọ ohun tí wọ́n máa bá lọ́la.

Ibùdó kẹta wà níbí, *kí* ilẹ̀ tó mọ́ nínú ìtàn: èwo ni omi máa kún inú rẹ̀? Èkíní nìkan ni. Ọ̀pọ̀ máa fi ẹ̀kẹta kún un nítorí ṣúgà wà níbẹ̀. Èsì: a padà wọ inú iṣu bíbọ̀, awọ sẹ́ẹ̀lì ti fàya nínú ooru, ohun gbogbo ń kọjá bó ṣe wù ú. Awọ tí kò lè yan ẹni tó máa gbà kọjá mọ́, kò sí ọ́sìmósíìsì níbẹ̀.

Ìran kẹrin kò ju àádọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Màmá ń fi iyọ̀ pa ẹja, Kọ́lá ní kòkòrò àìfojúrí tó bá bà lé ẹja náà, ara rẹ̀ á gbẹ bí iṣu. Màmá: “Ṣé o ti wá di tíṣà báyìí?” Ó parí.

Ohun méjì ni mo yọ kúrò. Àkọ́kọ́ ni gàrí. Èmi ni mo kọ ọ́ pé gàrí tó ń wú nínú omi jẹ́ ọ́sìmósíìsì, màmá wa sì fi bírò pupa fà á nídìí pátápátá. Gàrí ti di yíyan, kò sí awọ tó wà láàyè nínú rẹ̀. Ó kàn ń fa omi mu ni. Èkejì ni Nollet, ará Faransé tó fi àpòòtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ rí nǹkan yìí ní 1748. Ìtàn rẹ̀ dùn mọ́ mi, àmọ́ kò dá ìdáhùn òdì kankan lóhùn.

Sí àbúrò wa tó ń kọ ètò orí fóònù: fáìlì ibùdó kọ̀ọ̀kan á rí báyìí, ìdáhùn òdì kọ̀ọ̀kan á tọ́ka sí fídíò èsì rẹ̀, èyí tó tọ́ á kàn tẹ̀síwájú.

```json
{
  "apa": 4,
  "ibudo": 1,
  "akoko": "01:40",
  "to": "B",
  "esi": {
    "A": "awo_iyo.mp4",
    "B": "tesiwaju",
    "D": "awo_iyo.mp4"
  }
}
```

Kò sí C nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, ẹ má fi sí i. Kò gbọdọ̀ nílò dátà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbà á sórí fóònù. Fún kíláàsì tó ń lo pírójẹ́kítọ̀, àwòrán á dúró fún ogún ìṣẹ́jú-àáyá, ọmọ á na ọwọ́, tíṣà ló máa yan èsì tí wọ́n máa wò.

Ní ti òǹkà: fírémù 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àwòrán kan fún fírémù méjì-méjì, àwòrán 12 nìyẹn. Ìṣẹ́jú méje jẹ́ 5,040, a ò tíì ka èsì mọ́ ọn. Ọwọ́ mẹ́ta la ní. Nítorí náà, bí ọmọlángidi tí a gé lápá lẹ́sẹ̀ ni Kọ́lá, Àdùkẹ́ àti Màmá ṣe máa rí, a ó kàn máa yí oríkèé wọn. Inú sẹ́ẹ̀lì nìkan la máa fọwọ́ yà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohùn ni a ó gbà ṣáájú, ní ọjọ́ Ẹtì, kí ẹnu lè bá àwòrán mu. Ìyá tó máa ṣe Màmá ní àwọn ò ní sọ “iyọ̀ wo ló ń sun omi”, pé “irú iyọ̀ wo nìyẹn” ni ìyá àgbà máa sọ. Mo ní kí wọ́n sọ méjèèjì, a ó gbọ́ ọ wò.

Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gé iṣu tútù sínú abọ́ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, kó bu iyọ̀ sí i, kó sì fi àwo iyọ̀ lásán sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àti wákàtí kan, kí ẹ mú u bọ̀. Mo fẹ́ mọ bí omi náà ṣe pọ̀ tó gan-an kí Bùọ̀dá tó yà á.