Lẹ́tà sí oní mashíìnì: ẹ bá mi ṣírò iye ṣáàfù, ilé bẹ́árìn àti dísìkì ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú wàhálà dísẹ́ẹ̀lì.

Èmi ni mo ń ṣe ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ níbí ní Pódò, Ìbàdàn. Ẹni tí mo ń ra bẹ́árìn lọ́wọ́ ẹ̀ ní Géètì ló júwe yín fún mi, ó ní mashíìnì sí-ẹ́nù-sí yín tó wà ní Ìkẹjà yẹn, iṣẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ mọ́, pé ẹ̀yin náà kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi ṣírò iye tẹ́ ẹ máa gbà lórí ẹ̀yà mẹ́ta, mo ti ya gbogbo wọn sórí kọ̀ǹpútà, mo sì ti so fáìlì wọn mọ́ lẹ́tà yìí:

```
GR2-SHAFT-RevC.step     GR2-SHAFT-RevC.pdf
GR2-HOUSING-RevB.step   GR2-HOUSING-RevB.pdf
GR2-DISC-RevA.dxf       GR2-DISC-RevA.pdf
```

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣí PDF kẹ́ ẹ tó ṣírò nǹkan kan. STEP ń sọ bí ẹ̀yà náà ṣe rí ni, kò sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ ṣe déédéé tó, ibi tó bá ti jẹ́ 30 lórí ẹ̀ 30 gbáko lẹ máa rí, àyè tí mo fi sílẹ̀ ní òkè àti nísàlẹ̀ wà lórí PDF nìkan. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tí méjèèjì ti ta kora, ẹ pè mí, ẹ má mú èyíkéyìí, nítorí àṣìṣe tèmi ló máa jẹ́ nígbà yẹn, mo sì fẹ́ tún un ṣe kí irin tó gun orí mashíìnì.

Ohun tó jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ ọn ni ohun tójú mi rí lọ́dún tó kọjá. Mo gbé ṣáàfù mẹ́rin fún tọ́ọ̀nà kan, mo fi fáìlì méjèèjì ránṣẹ́ sí i, STEP nìkan ló ṣí. Ọjọ́ tó kó wọn dé mo fi fániyà wọ̀n ọ́n, ibi tí bẹ́árìn máa jókòó sí ń sọ 30.1, bẹ́árìn ò wọlé, mi ò sí nílé lọ́jọ́ kejì ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mi fi hámà lù ú wọlé kí iṣẹ́ lè tètè lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn tá a gbé ẹ̀rọ náà fún ìyá onígàrí kan ló pè mí pé ẹ̀rọ ń ké, ìgbà tí mo débẹ̀ mi ò lè fọwọ́ kan ilé bẹ́árìn, ó gbóná tó fi jẹ́ pé ọ̀dà tá a fi kùn ún ti ń ṣí bí èépá. Ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tá a bá ti wú kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta inú ẹ̀ ti ń dúdú, àbọ̀ ọkọ̀ ló bàjẹ́ mọ́ ìyá yẹn lọ́wọ́, èmi ni mo san án. Owó yẹn dùn mí o, àmọ́ ojú tí ìyá yẹn fi wò mí ló dùn mí jù.

Nítorí náà, ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbájú mọ́ ò pọ̀. Ṣáàfù, sítéènlẹ́ẹ̀sì 304, gígùn ẹ̀ 540 mìlímítà, mo fẹ́ 12. Àárín ẹ̀ jẹ́ 35, ẹ má tọ́ọ̀nù ibẹ̀ rárá, bó ṣe ti ọjà wá ni kó ṣe wà. Ibi bẹ́árìn méjèèjì ni iṣẹ́ wà, bẹ́árìn 6206-2RS ló máa jókòó síbẹ̀, 30 k6 ni mo kọ, ìyẹn ni pé kó má kéré sí 30.002 kó má sì ju 30.015 lọ. Ibi méjèèjì yìí gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan náà, mo fi 0.03 sílẹ̀ pé kó má yí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tẹ́ ẹ bá lè gbé e sáàárín sẹ́ńtà méjì kẹ́ ẹ tọ́ọ̀nù méjèèjì láì tú u, ọkàn mi máa balẹ̀. Orí ibi tí púlè máa wọ̀ jẹ́ 25, kíwéè ẹ̀ fẹ̀ ní 8, ó jìn ní 4, ó gùn ní 60.

Ilé bẹ́árìn, maìlì sítíìlì, 24. Ihò 62 H7 nìkan ló nílò ìṣọ́ra, 62.000 sí 62.030. Ihò bóòtù mẹ́rin M10 tó wà lára ẹ̀, 11 mìlímítà, dírìlì lásán ti tó.

Dísìkì náà 24, sítéènlẹ́ẹ̀sì 304 tó nípọn ní 10, fífẹ̀ ẹ̀ 180, ihò mẹ́jọ 6.6 fún bóòtù M6, ihò àárín 35.1, àwa la máa jó o mọ́ ṣáàfù fúnra wa. Ẹ kàn rí i pé 180 mìlímítà ló jáde tẹ́ ẹ bá ṣí DXF yẹn, torí kọ̀ǹpútà míì máa ń kà á sí íńṣì. Kò sí ohun tó le nínú dísìkì yìí, ẹ má gbowó ibi tó le lórí ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ irin náà kan mí gan-an. Omi ẹ̀gẹ́ kan, ó ń jẹ irin, oúnjẹ sì ni wọ́n máa jẹ. Wọ́n ń ta 201 ní orúkọ 304 lọ́jà, mágnẹ́ẹ̀tì ò sì lè yà wọ́n, torí kò ní mú èyíkéyìí nínú méjèèjì dáadáa. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa ra irin, mo fẹ́ rí ìwé tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ tó yọ́ ọ. Ẹ bá mi kọ iye méjì, èyí tẹ́ ẹ máa ra irin àti èyí tí èmi máa gbé irin wá, iṣẹ́ ọwọ́ nìkan.

Ẹ tún bá mi kọ iye tó máa jẹ́ tí mo bá sọ ọ́ di ẹ̀rọ 30 dípò 12, kí n lè mọ bí owó sẹ́tíìnì ṣe ń já bọ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ ẹ sì sọ bóyá VAT 7.5% ti wà nínú ẹ̀ tàbí kò sí.

Kẹ́ ẹ tó ṣe gbogbo ẹ̀, mo fẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ti ẹ̀rọ kan: ṣáàfù 1, ilé bẹ́árìn 2, dísìkì 2. Ẹ fi maikiromítà wọn ibi bẹ́árìn, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà tẹ́ ẹ rí sórí ìwé, mo máa wá fúnra mi pẹ̀lú bẹ́árìn lápò. Tó bá wọ̀ láìlo hámà, lójú ẹsẹ̀ ni mo máa san 60% owó ìyókù, mo sì máa san èyí tó kù tẹ́ ẹ bá ti kó ẹrù sílẹ̀ fún mi láti gbé. Ti àkọ́kọ́ yẹn, mo máa san án tán kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn ìyá onígàrí kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń dúró de ẹ̀rọ 12 yìí, ọ̀sẹ̀ méje ló kù fún mi, ẹ sọ òótọ́ ọjọ́ tó máa gbà yín, kódà tó bá pẹ́ ju èyí tí mo fẹ́ lọ. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fún ẹlòmíì ní fáìlì náà, ọdún méjì ni mo fi ń tún àwòrán yẹn yà.

Tẹ́ ẹ bá ti fi iye ẹ̀ ránṣẹ́ kí ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ tó pé, mo máa dá yín lóhùn lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín.

Àbúrò yín,
Bàbá Kẹ́hìndé, Pódò, Ìbàdàn