Kí Olùkọ́ Wa Tó Wọ Ilé Yín: Ọ̀rọ̀ Márùn-ún fún Òbí Tí Ìdánwò Ọmọ Rẹ̀ Ti Ń Súnmọ́

Ọ̀rọ̀ kìíní: Ìlérí tí a kì í ṣe

Ẹ̀yin òbí wa, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ló kù kí ìdánwò àṣekágbá bẹ̀rẹ̀, irú àkókò yìí sì ni ìbéèrè kan náà máa ń pọ̀ lórí fóònù wa: "Ṣé ẹ lè fi dá mi lójú pé ọmọ mi máa yege?" Ìdáhùn wa, àwa tí a ń wá kọ́ ọmọ nínú ilé òbí wọn, ni pé a kò lè fi dá ẹnikẹ́ni lójú. Àwa kọ́ la máa jókòó sínú gbọ̀ngàn ìdánwò, àwa kọ́ la ń ṣètò ìbéèrè, a kò sì mọ bí ara ọmọ yóò ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Olùkọ́ tó bá ṣèlérí máàkì fún yín kó tó rí ìwé ọmọ yín, ẹ bi í pé orí kí ló gbé ìlérí náà lé.

Àwọn tó ń polówó irú iṣẹ́ tiwa yìí fẹ́ràn láti tọ́ka sí ohun tí Benjamin Bloom, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, kọ ní ọdún 1984. Ó ní ọmọ tí òye rẹ̀ wà ní àárín gbùngbùn, bí olùkọ́ bá ń dá a kọ́, yóò ta bíi 98 yọ nínú 100 ọmọ tí wọ́n ń kọ́ pọ̀ nínú kíláàsì. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́ létí òbí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kurt VanLehn, olùwádìí mìíràn ní Amẹ́ríkà, kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ tó sì yẹ̀ wọ́n wò ní ọdún 2011, àǹfààní tó rí kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: bí a bá fi irú ìṣirò kan náà gbé e, ó jẹ́ bíi 79 nínú 100. Àǹfààní gidi ni ìyẹn náà jẹ́, òun la sì gbé iṣẹ́ wa lé, àmọ́ kò jọ iṣẹ́ ìyanu, a kò sì fẹ́ tà á fún yín bí iṣẹ́ ìyanu.

Ohun tó wà ní ìkáwọ́ wa la lè ṣèlérí rẹ̀. Ẹ ó mọ ohun tí ọmọ yín kò mọ̀, lórúkọ, kì í ṣe kí a kàn sọ pé "ó nílò ìsapá sí i". Ẹ ó máa rí ìwé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá sì kọjá tí nǹkan kò yí padà, àwa la ó kọ́kọ́ sọ fún yín, ẹ kò ní dúró de èsì ìdánwò kí ẹ tó gbọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì: Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a kì í kọ́ ọmọ ní nǹkan kan

Bàbá kan bínú sí wa lọ́jọ́ kìíní. Ó ní olùkọ́ wa ti jókòó fún wákàtí kan àtààbọ̀, ìbéèrè nìkan ló ń bi ọmọ, kò kọ́ ọ ní ohunkóhun. Òótọ́ ni bàbá náà sọ. Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, ọjọ́ náà kò sì sí lára ọjọ́ tí a ń gba owó rẹ̀.

Ìwé ìdáhùn ìdánwò tí ọmọ ṣe kẹ́yìn la kọ́kọ́ máa ń béèrè, pẹ̀lú gbogbo ibi tí wọ́n ti fà á. Lẹ́yìn náà la ó fún un ní ìbéèrè méjìlá, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti iṣẹ́ kíláàsì méjì sẹ́yìn, láìwo aago, a ó sì ní kí ó máa sọ ohun tó ń rò síta bó ṣe ń ṣe é. Ibẹ̀ ni àṣírí wà. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣoṣo hàn yín.

Ọmọ kan kọ ọ́ pé 1/2 + 1/3 = 2/5. Olùkọ́ tó ń kánjú yóò fi bírò pupa fà á, yóò sì kọ òfin rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́: wá nọ́ńbà ìsàlẹ̀ tó bá méjèèjì mu, sọ wọ́n di 3/6 àti 2/6, ìdáhùn jẹ́ 5/6. Ọmọ yóò gba òfin náà, yóò ṣe mẹ́ta tó jọ ọ́ láìṣì í, yóò sì ti gbàgbé kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, nítorí pé òfin kọ́ ló sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí a máa ń bi í ni pé, láàárín 2/5 àti 1/2, èwo ló tóbi jù? Bó bá fara balẹ̀ wò ó, yóò rí i pé 2/5 kò tó ìdajì. Báwo wá ni ẹni tó ní ìdajì lọ́wọ́, tí wọ́n tún bu kún un fún, ṣe wá di ẹni tí tirẹ̀ kò tó ìdajì mọ́? Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń dákẹ́ níbẹ̀, lẹ́yìn náà wọn a bú sẹ́rìn-ín. Àṣé nọ́ńbà méjì tí ọ̀kan gun òkè èkejì ni wọ́n ń rí bí wọ́n bá wo 1/2, wọn kò rí i gẹ́gẹ́ bí iye kan ṣoṣo. Àṣìṣe kékeré yìí máa ń tẹ̀ lé ọmọ wọ inú áljẹ́brà, ibẹ̀ ló sì ti ń di ohun tí òbí ń pè ní "orí rẹ̀ kò gba ìṣirò". Ní tiwa, a kì í fẹ́ gbọ́ gbólóhùn náà lójú ọmọ. Ọmọ tí nǹkan kan kò yé ní kíláàsì kan sẹ́yìn, tí ẹnikẹ́ni kò sì padà síbẹ̀, la sábà máa ń bá pàdé.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ó gba ojú-ìwé kan péré láti ọ̀dọ̀ wa: ohun tó mọ̀ dájú, ohun tó ń méfò, ohun tí kò mọ̀ rárá, àti ibi tí a fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ tó kù bá ju ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lè gbà, a ó sọ orí ẹ̀kọ́ tí a máa fi sílẹ̀ àti ìdí rẹ̀, kí ẹ lè bá wa jiyàn sí i kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹta: Ọmọ tó ń kàwé mọ́jú, tí kì í rántí

Ìyá kan sọ fún wa pé ọmọbìnrin òun kì í sùn, pé ó máa ń ka ìwé àjákọ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin kí ìdánwò tó dé, síbẹ̀ bó bá dé iwájú ìbéèrè, gbogbo rẹ̀ á pòórá. Ìyá náà rò pé ìbẹ̀rù ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ọ̀nà tó ń gbà kàwé la kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Láti ọdún 1885 ni Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, ti tẹ ìwé tó fi hàn, lẹ́yìn tó ti dán ara rẹ̀ wò fúngbà pípẹ́, pé ìgbàgbé máa ń yára púpọ̀ ní kété lẹ́yìn ẹ̀kọ́, kó tó wá máa falẹ̀. Ní ọdún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìrántí, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ìwé kúkúrú kà. Àwọn kan tún un kà; àwọn kan pa á dé, wọ́n sì kọ gbogbo ohun tí wọ́n rántí. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló ṣe dáadáa jù, 81 nínú 100 sí 75. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀rọ̀ yí padà: àwọn tó pa ìwé dé rántí 56, àwọn tó tún un kà rántí 42. Ẹ kíyè sí ẹ̀tàn tó wà níbẹ̀. Àkàtúnkà máa ń jẹ́ kí ọmọ rò pé òun ti mọ̀ ọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, òbí tó ń wò ó náà á sì gbà pé iṣẹ́ ń lọ.

Nítorí náà, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wa, ìwé á wà ní pípadé. Ọmọ á kọ ohun tó rántí láti ìjẹta, láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà mìíràn láti oṣù tó kọjá. Wọn kì í fẹ́ràn rẹ̀. Bí ọmọ yín bá wá ráhùn pé olùkọ́ yìí ń jẹ́ kí òun dà bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó dá sí i. Bó bá sì di òru, ẹ jẹ́ kó sùn.

Ọ̀rọ̀ kẹrin: Ta ló ń wọ ilé yín?

Àlejò ni olùkọ́ jẹ́ nínú ilé yín, bó ti wù kó kàwé tó. Òbí tàbí àgbàlagbà kan tí ẹ fọkàn tán gbọ́dọ̀ wà nílé ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ; bí kò bá sí, olùkọ́ wa á padà lẹ́nu ọ̀nà. Pálọ̀ tàbí yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí la ti ń kọ́ ọmọ, kì í ṣe yàrá ibùsùn. Olùkọ́ wa kì í bá ọmọ sọ̀rọ̀ lórí Wásáàpù láìjẹ́ pé òbí wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kì í gbé ọmọ jáde, kì í sì í fún un ní ẹ̀bùn ní kọ̀rọ̀. Kí ẹ tó gbà á, ẹ ó rí ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ẹ ó sì bá òbí méjì tí olùkọ́ náà ti kọ́ ọmọ wọn rí sọ̀rọ̀ tààrà. Ẹ lè dá a dúró nígbàkigbà láìsọ ìdí kankan. Bí ọmọ bá ní òun kò fẹ́ olùkọ́ kan mọ́, ẹ tẹ́tí sí i ná.

Ọ̀rọ̀ karùn-ún: Ibi tí a ti ṣàṣìṣe

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, a kọ́ ọmọbìnrin kan ní físíìsì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ìbéèrè ìdánwò àwọn ọdún tó ti kọjá la ń fún un ṣe, máàkì rẹ̀ sì ń gòkè lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, inú àwa àti àwọn òbí rẹ̀ ń dùn. Nígbà tí èsì gidi jáde, ó lọ sílẹ̀ gan-an ju ohun tí a ń rí nílé lọ. A padà sídìí ìwé rẹ̀, a sì rí i pé àwa la jẹ̀bi: ìbéèrè kan náà la ń yí po, ó ti há ìdáhùn wọn sórí, àwa sì ń pe àhásórí ní òye. A pe àwọn òbí rẹ̀, a sọ ọ́ fún wọn bó ṣe rí, a sì kọ́ ọmọ náà títí ó fi tún ìdánwò náà ṣe, láìgba kọ́bọ̀. Láti ìgbà náà, a máa ń fi ìbéèrè ọdún mẹ́ta pamọ́ tí ọmọ kò gbọ́dọ̀ fojú kàn. Ọ̀sẹ̀ kẹfà àti ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án nìkan la ń mú wọn jáde, pẹ̀lú aago, lójú yín. Máàkì yẹn nìkan ni kí ẹ gbà gbọ́. Èyí tó ń gbà nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́, àwa gan-an kì í kà á sí.

Àwọn òbí kan wà tí a ti ní kí wọ́n fi owó wọn pamọ́. Ọmọkùnrin kan wà tí ìṣirò rẹ̀ péye nígbàkigbà tí a bá ka ìbéèrè sí i létí, ṣùgbọ́n tó máa ń ṣi nọ́ńbà kọ bó bá ń wò ó lójú pátákó, tó ń sọ 3 di 8, tó ń sọ 6 di 5. A ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ ṣe àyẹ̀wò ojú. Awò ojú ló nílò, kò nílò wa.

Bí ẹ bá fẹ́ kí a wá, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wa, kí ẹ sọ kíláàsì tí ọmọ wà, ọjọ́ tí ìdánwò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àti iṣẹ́ tó ń dààmú yín jù. Ẹ wá ìwé ìdáhùn rẹ̀ tó kẹ́yìn sílẹ̀ dè wá, bó ti wù kí máàkì inú rẹ̀ burú tó. Ọmọ márùn-ún péré la tún lè gbà kí ìdánwò yìí tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé olùkọ́ mẹ́rin la jẹ́, ẹnikẹ́ni nínú wa kì í sì í kọ́ ju ọmọ mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀kan náà.