Èsì sí Lẹ́tà Yín: Owó Ilé Ti Wọlé Kó Tó Pé

Ìyànà-Ìpájà, Èkó
13 oṣù Kẹta, 2025

Bàbá wa,

Ẹ kú àbójútó ilé, ẹ sì kú inú rere láti ọjọ́ yìí wá.

Mo rí lẹ́tà tí ẹ kọ lọ́jọ́ 10 oṣù yìí, pé ọjọ́ 8 ni owó ilé mi tó wọlé, pé kí n mú ₦30,000 wá fún ìtanràn. Bàbá, mi ò pẹ́ rárá. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ni owó ilé pé. Ní Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù Kejì, ni mo ti fi ₦650,000 ránṣẹ́ sínú àkáǹtì yín tó parí sí 4417, orúkọ yín sì jáde kí n tó tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ẹ̀rí wà nínú àpòòwé yìí. Ẹ ó rí rìsíìtì tiransifáà náà, àti sítétímẹ́ǹtì àkáǹtì mi tí báńkì lu òǹtẹ̀ sí, tó fi hàn pé owó náà jáde lọ́jọ́ yẹn, kò sì padà sọ́dọ̀ mi. Mo tún tẹ àwòrán wọ́ṣáàpù tí mo fi rìsíìtì ọ̀hún ṣọwọ́ sí yín lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo nọ́ḿbà gígùn tó wà níwájú Session ID lórí rìsíìtì. Nọ́ḿbà mẹ́fà àkọ́kọ́ dúró fún báńkì tó fi owó ránṣẹ́. Méjìlá tó tẹ̀ lé e ni 250227101542: ọdún 2025, oṣù Kejì, ọjọ́ 27, aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́, n ò sì lè yí i padà. Báńkì yín lè fi nọ́ḿbà yìí wá owó náà rí.

Mo rántí pé síìmù yín sọnù lásìkò yẹn. Ó jọ pé ìgbà tí ẹ gba òmíràn ni ẹ tó rí i pé owó wà níbẹ̀. Alẹ́ẹ̀tì ló pẹ́, owó kò pẹ́. Ẹ ní kí báńkì tẹ sítétímẹ́ǹtì ọjọ́ 27 fún yín.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹnu ọ̀nà mi ni wọ́n lẹ lẹ́tà náà mọ́. Gbogbo ará ilé kà á, àwọn ọmọ mi náà kà á. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ilé yìí, ẹnìkan kò tíì bi mí léèrè owó rí.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ ìwé pé ẹ ti fa lẹ́tà yẹn àti ìtanràn náà sẹ́yìn. Kò sí ìtanràn kankan nínú àdéhùn tí a jọ fọwọ́ sí. Ẹ sì bá mi kọ rìsíìtì owó ilé ọdún yìí, nítorí Òfin Ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ní kí onílé máa fún ayálégbé ní rìsíìtì tó bá ti sanwó. Màá fẹ́ kí méjèèjì tẹ̀ mí lọ́wọ́ kó tó di Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù yìí. Bí ẹ bá fẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò, mo wà nílé láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì, òkè apá ọ̀tún